Àwòrán Profáìlì àti Báńà fún Oníṣirò Owó

Àwòrán profáìlì ni àwòrán róbótó tí ó ń fi ojú ènìyàn hàn lórí LinkedIn. Báńà sì ni àwòrán gbọọrọ tí ó tẹ́ rẹrẹ sẹ́yìn rẹ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ni àwọn àgbà wí, ìwádìí tí Willis àti Todorov ti Yunifásítì Princeton sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 kín wọn lẹ́yìn: bí ènìyàn bá rí ojú àjèjì fún ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ó ti dá a lẹ́jọ́ bóyá ó ṣeé fọkàn tán. Ìdájọ́ kánkán bẹ́ẹ̀ kì í fi dandan jẹ́ òtítọ́, síbẹ̀ òun ni ó ń ṣáájú ìwé ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀dọ́mọbìnrin oníṣirò owó kan ní Ìbàdàn, tí ó ń wá iṣẹ́ ayẹ̀wé-owó-wò. Bí ó bá na ọwọ́ ya ara rẹ̀, imú rẹ̀ yóò fẹ̀ ju bí Elédùmarè ti dá a lọ, nítorí pé ohun tí ó bá súnmọ́ kámẹ́rà jù ni ó ń tóbi jù. Kí ó gbé fóònù fún ẹlòmíràn tí yóò dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 sí i, kí òun sì kọjú sí fèrèsé. Ògiri funfun ni ó ń tan ọ̀pọ̀ nínú àwa adúmáadán jẹ: kámẹ́rà a rí ìmọ́lẹ̀ ògiri, a rẹ gbogbo àwòrán sílẹ̀, ojú a sì ṣókùnkùn. Kí ayàwòrán tẹ ìka lé ojú náà lórí fóònù, ìmọ́lẹ̀ yóò sì wọn ara rẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n sún àwòrán náà kéré títí yóò fi tó èékánná. Bí ẹyinjú kò bá hàn mọ́, kí wọ́n tún un yà.

Kóòtù aláwọ̀ kan yẹ iṣẹ́ yìí, bùbá aṣọ òkè tí kò ní àwọ̀ púpọ̀ náà yẹ ẹ́; ṣùgbọ́n gèlè gàgàrà òde ìgbéyàwó, òbìrìkítí LinkedIn yóò gé orí rẹ̀ dànù. Bí ó bá kọlà, kí ó má ṣe jẹ́ kí a nu ilà náà nù, kí a má sì bó àwọ̀ rẹ̀, nítorí pé ojú kan náà ni yóò gbé lọ síwájú àwọn tí yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

Ìwọ̀n báńà LinkedIn jẹ́ píksẹ́lì 1584 ní ìbú àti 396 ní gíga. Fún onímọ̀ ẹ̀rọ, ibi ìkọ́lé tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ni ó dára jù. Fún oníṣirò owó yìí, tábìlì mímọ́ tónítóní tí ìwé ìṣirò wà lórí rẹ̀ ti tó. Òkìtì náírà kò yẹ ẹ́ rárá, nítorí pé àwọn oníjìbìtì ti fi í ṣe àmì ara wọn. Ilé iṣẹ́ tí kò gbà á síṣẹ́ rí kò sì gbọdọ̀ hàn níbẹ̀, torí irọ́ ni yóò jọ. Ọ̀rọ̀ yòówù tí ó bá fẹ́ kọ, apá ọ̀tún ni kí ó kọ ọ́ sí, nítorí pé àwòrán ojú a máa bo ìsàlẹ̀ apá òsì báńà, ibi tí ó sì ń bò lórí fóònù kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti kọ̀ǹpútà. Kí ó wò ó lórí méjèèjì kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.