Àtẹ Ópṣọ̀n

Àtẹ ópṣọ̀n ni ojú ìwé tó to àwọn àdéhùn ópṣọ̀n lórí ìpín ilé-iṣẹ́ kan jọ, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọn yóò parí. Ópṣọ̀n ń fún olùrà lẹ́tọ̀ọ́, láìsí túláàsì, láti ra ìpín náà tàbí láti tà á ní iye tí wọ́n kọ sábẹ́ `Strike`. Ṣikágò ni ọjà rẹ̀ tó létò ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973.

Ní Amẹ́ríkà, àdéhùn kan sábà máa ń dúró fún ìpín 100. Bí àtẹ bá kọ 2.40, dọ́là 240 ni olùrà yóò san. Àlàfo láàárín iye `Strike` kan sí èkejì lè jẹ́ dọ́là 1, 2.50 tàbí 5; ìpín tó wọ́n sábà máa ń ní àlàfo tó fẹ̀ jù.

`Volume` àti `Open Interest` ló máa ń rú olùbẹ̀rẹ̀ lójú. `Volume` ń ka àdéhùn tó ti yí ọwọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì ń padà sí òdo lọ́jọ́ kejì. `Open Interest` ń ka èyí tí wọn kò tíì pa dé. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Ká ní `Open Interest` jẹ́ 300 láàárọ̀, tí `Volume` sì di 900 nírọ̀lẹ́. Bí `Open Interest` ti ọjọ́ kejì bá jẹ́ 1,100, àdéhùn 800 ti kún un. Bó bá jẹ́ 310, ohun tí wọ́n ṣí àti èyí tí wọ́n pa dé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.