Ààlà àti ẹnubodè

Ààlà ni ìlà tó pín ilẹ̀ méjì. Ẹnubodè ni ojú ọ̀nà tí oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, bíi ti Ìdíìrókò lónìí. Olùkọ́ Ìlaròó tàbí Ayétòrò tó bá kọ “ẹnubodè 1889” sínú ìbéèrè máàpù ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà: ojú ọ̀nà ni yóò máa wá, kò ní wo ìlà. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

“Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ya Ìmẹ̀kọ kúrò lára Kétu, ọ̀nà òwò wo ló gé?”

Kí ọ̀nà wà lórí máàpù náà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àbá ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa dá.