Bí Ọ̀rọ̀ Orin Ṣe Ń Bá Ìlù Rìn Nínú Fídíò

Fídíò ọ̀rọ̀ orin ni èyí tí kò fi dandan gbé ojú olórin sójú àwòrán. Ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ ni a ń rí tó ń yọ, tó ń mira, tó sì ń parẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí sábà máa ń mú kí gbogbo ìlà yọ gan-an níbi tí ìlù bá ti dún. Ó jọ pé ó tọ́, ṣùgbọ́n ìlà á máa pẹ́ lẹ́yìn ohùn. Ẹnu olórin ló yẹ kó pinnu ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò yọ. Ìlù ló yẹ kó pinnu bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe mira lẹ́yìn tó bá ti yọ. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú nǹkan báyìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn fíìmù kúkúrú tí Max Fleischer ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1920 sí 1929, bọ́ọ̀lù kékeré kan ń fò lórí ọ̀rọ̀ orin kí èrò inú sinimá lè bá a kọ ọ́, ibi tí orin dé nínú ọ̀rọ̀ ni bọ́ọ̀lù náà sì ń bọ́ sí.

Ìṣirò ni iṣẹ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìlù orin kan ń dún ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí fídíò sì ní fírémù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti ìró ìlù kan sí èkejì jẹ́ fírémù 14.4. Bí a bá sọ ọ́ di 14, tí a sì ń fi 14 kún 14 lọ, à ń pàdánù ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá fírémù kan nígbà kọ̀ọ̀kan. Tí ìlù bá fi máa dún nígbà ọgọ́ta, àwòrán ti fi fírémù 24 ṣáájú orin, ìyẹn odidi ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó yẹ ni ká ṣírò ìró kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ orin, ká tó wá sọ èsì rẹ̀ di odidi nọ́ńbà:

```
round(ibere + n * 24 * 60 / 100)
```

Níbí, `ibere` ni fírémù tí ìró àkọ́kọ́ bọ́ sí, `n` sì ni iye ìró tó ti tẹ̀ lé e.

Ká fi 0 ṣe `ibere`, ká sì wo ìró tí `n` rẹ̀ jẹ́ 32: fírémù 461 ló wà. Ṣùgbọ́n olórin lè ti la ẹnu ní ìdajì àyè tó wà láàárín ìró méjì kí ìró yẹn tó dún, ìyẹn ní fírémù 454. Bí a bá dúró de 461, ìlà ti fi fírémù méje pẹ́, ẹni tó ń wò á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó kà á. Nítorí náà, kí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní 446, kó ṣeé kà ní 452, kó wá tóbi díẹ̀ ní 461 gan-an, kó sì padà sí bó ṣe wà ní nǹkan bíi 467. Fírémù méjì tí ọ̀rọ̀ fi ṣáájú ohùn kò ní yọ ènìyàn lẹ́nu. Ìwọ̀n tí àjọ ITU fi lélẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n fi hàn pé òǹwòran máa ń fura bí ohùn bá fi nǹkan bí ìdá 45 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú àwòrán, ṣùgbọ́n bí àwòrán ló bá ṣáájú, ó lè tó 125 kí ó tó hàn sí i. Lóòótọ́, àwòrán ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi wọn èyí, síbẹ̀ a ní láti fún ọ̀rọ̀ kíkọ ní àyè tirẹ̀, torí pé ojú gbọ́dọ̀ kà á.

Ẹnìkan lè sọ pé nínú ráàpù, ohùn àti ìlù sábà máa ń bọ́ síbì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni, níbẹ̀, ọ̀nà méjèèjì á fúnni ní èsì kan náà, èyí kò sì tako ohun tí a sọ. Àtakò tó lágbára jù ni ti àpàlà tàbí fújì tí àwọn onílù lù pa pọ̀ láìsí aago tó ń darí wọn. Ìlù wọn lè yára sí i bí orin ti ń gbóná, kò sì sí iye kan tó lè bá gbogbo rẹ̀ mu. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú Blender á jẹ́ kí orin máa lọ, á sì máa tẹ `M` láti fi àmì síbi tí ìlù ti dún, lẹ́yìn náà á fi àwòrán ìgbì ohùn tún àmì náà ṣe. Kó kọ́kọ́ yan `Sync to Audio`, nítorí láìsí i, àwòrán lè máa wọ́ lẹ́yìn ohùn lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára, àmì á sì bọ́ síbi tí kò yẹ.

Àṣìṣe fúnra rẹ̀ máa ń sọ ibi tó ti wá. Bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, `ibere` ni kò tọ́, sísún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sì tó. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá bára mu, tí èyí tó kẹ́yìn sì ti jìnnà sí orin, iye ìlù la ṣírò tì, tàbí kó jẹ́ pé orin náà kì í dúró sójú kan. Nítorí náà, ìlà tó kẹ́yìn ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.