Ìgò Tó Ń Làágùn: Láti 1980 Dé Orí Fóònù Rẹ

Ìtàn ìgò la fẹ́ sọ lónìí: báwo ni kọ̀ńpútà ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán ìgò, kí ló sì dé tí ìgò inú pósítà tí ẹ̀rọ yà ṣì máa ń jọ ayédèrú?

Ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ́gbẹ̀ẹ́ gba inú dígí tàbí omi kì í lọ tààrà. Ó máa ń tẹ̀ níbi tó bá wọlé àti ibi tó bá jáde. Ní nǹkan bí ọdún 984, Ibn Sahl ti ṣàlàyé òfin títẹ̀ yìí ní Bágídádì. Lọ́dún 1980, Turner Whitted ti ilé ìwádìí Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde tó fi hàn bí kọ̀ńpútà ṣe lè fi òfin náà yàwòrán bọ́ọ̀lù dígí. Kọ̀ńpútà á tọ ipa ìtànṣán láti ojú ẹni tó ń wò. Bó bá kan dígí, ìtànṣán á pín sí méjì: ọ̀kan á ta padà, èkejì á tẹ̀ wọlé. Àwòrán kan ṣoṣo gbà á ní ìṣẹ́jú 74.

Ẹ̀rọ bíi Stable Diffusion, tó jáde lọ́dún 2022, kì í tọ ipa ìtànṣán kankan. Fọ́tò rẹpẹtẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ohun tó sì sábà máa ń wà nínú fọ́tò ló ń yà.

Ká ní ẹnìkan tó ń ta zóbò n'Íkàrẹ́ ní kó ya ìgò dígí kan síwájú ògiri tó jẹ́ yẹ́lò lápá òsì, tó jẹ́ àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Bí zóbò náà bá mọ́ gaara, ìgò tó kún yóò ṣe bí awò: apá òsì ògiri á hàn lápá ọ̀tún nínú ìgò, apá ọ̀tún á bọ́ sí òsì. Ní ọrùn ìgò tó ṣófo, ògiri ò ní yípo. Ẹ̀rọ sábà máa ń jẹ́ kí ògiri gba inú ìgò kọjá bó ṣe wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Òógùn ìgò ńkọ́? Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń di omi lára dígí tútù. Nítorí náà, ibi tí ohun mímu tútù dé ló máa ń pọ̀ sí jù. Ẹ̀kán á tóbi, á dara pọ̀ mọ́ ìkejì, á ṣàn wálẹ̀, á sì fi ojú ọ̀nà tó mọ́ sílẹ̀. Nígbà òjò, ìgò á làágùn kíákíá. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ Àkókó gbẹ débi pé ìgò kan náà lè má làágùn rárá. Bí pósítà bá ní eruku ọyẹ́ lẹ́yìn, tí ìgò rẹ̀ sì ń kán tótó, ẹ fura sí i.

Àwọn ayafọ́tò ìpolówó sì ti pẹ́ tí wọ́n ń po gílísárìnì mọ́ omi, wọ́n á fín in sára ìgò kí ẹ̀kán má baà ṣàn, kó má sì gbẹ. Èrò tèmi ni pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ́ láti inú rẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń to ẹ̀kán dọ́gba-dọ́gba dé ọrùn ìgò tó ṣófo.

Ẹ fi ìgò gidi síwájú ògiri, ẹ yà á, kí ẹ fi wé ti ẹ̀rọ kí ẹ tó gbé pósítà jáde.