Bí Ìwé Ìlànà Ìránṣọ Ṣe Di Ọba Lórí Tábìlì Ilé-Iṣẹ́

Ní ayé ìgbà tí télọ̀ àti ẹni tí yóò wọ aṣọ jọ ń fi ojú kan ara wọn nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, kò sí ohun tí à ń fi ìwé ṣe láàárín wọn, nítorí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, kí tépù onínọ́ńbà tó wọ ọwọ́ àwọn télọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, awẹ́ ìwé tàbí awẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wọn ènìyàn, tí wọn yóò sì fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ níbi tí àyà dé àti níbi tí apá mọ. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ni ó ní awẹ́ tirẹ̀. Bí a bá sì gbé e fún télọ̀ mìíràn, ó dà bí ìgbà tí a pàrokò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ àrokò.

Ogun ni ó kọ́kọ́ tú àṣà yìí ká, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ wọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun láṣọ kò lè mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn aláṣẹ ológun Gẹ̀ẹ́sì ti ń yan ẹ̀wù kan ṣoṣo tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, tí wọ́n ń so ìwé pélébé mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń fi ìda lu èdìdì lé e lórí. Nígbà tí ó yá, Pimlico ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ibùdó aṣọ àwọn ológun náà wà, níbi tí irú ẹ̀wù elédìdì bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ òṣùwọ̀n fún ohun gbogbo tí àwọn agbaṣẹ́ṣe bá kó wá. Ètò yìí dára dé ìwọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wù kì í sọ̀rọ̀. Bí àpò rẹ̀ bá jìn ní ínṣì mẹ́fà, kò lè sọ fún ni bóyá mẹ́fà náà ni dandan, tàbí bí mẹ́fà àti àbọ̀ yóò ṣe é gbà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe náà dára láàárín àwọn tí ó mọ inú ara wọn, ṣùgbọ́n níbi tí ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ bá ti ń ránṣọ, tí olúkúlùkù wá ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀, ẹgbẹ̀rún ẹ̀wù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò jáde.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó wá mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ní 1830 ni Barthélemy Thimonnier, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tirẹ̀ tí ń rán ojú abẹ́rẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, tí àwọn télọ̀ Párìsì sì ya lu ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún kejì, tí wọ́n fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà túútúú. Ní 1846 ni Elias Howe ní Amẹ́ríkà gba àṣẹ fún ojú abẹ́rẹ́ alágádágodo, èyí tí òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ ti ń kọ́ ara wọn láàárín aṣọ. Nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ni a fi ń ránṣọ, ó tó kí a wí pé kí wọ́n rán an kí ó le. Ṣùgbọ́n nísinsin yìí, ojú abẹ́rẹ́ méjì lè jọ ara wọn lókè bí ìbejì, kí ìwà wọn sì yàtọ̀. Alágádágodo kì í tú wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ bí ó bá já níbì kan, ṣùgbọ́n kì í nà púpọ̀, bọ́bìnì rẹ̀ a sì máa tán láàárín iṣẹ́. Ẹlẹ́wọ̀n a máa nà pẹ̀lú aṣọ, ṣùgbọ́n bí ó bá já, tí ènìyàn fa òwú rẹ̀ láti ọ̀nà tí ó yẹ, ó lè tú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá fi alágádágodo rán ọrùn síńgílẹ́ẹ̀tì yóò gbọ́ ìró òwú tí ń já lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ fi orí bọ̀ ọ́.

Nítorí èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà, tí ń ra aṣọ ológun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ púpọ̀, fi fún ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní DDD-S-751, tí ó di Federal Standard 751, tí a sì tún un ṣe ní 1965. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni wọ́n pín wọn sí, láti 100 dé 600: 301 ni alágádágodo, 401 ni ẹlẹ́wọ̀n olówú méjì, àwọn ti ìsọ̀rí 500 sì ni àwọn télọ̀ ìlú wa ń pè ní wífìn. Àwọn nọ́ńbà kan náà ni ó wọ inú ISO 4915, tí gbogbo ayé ń lò. Mo ka èyí sí ọgbọ́n tí ó ga jùlọ nínú ìtàn yìí, nítorí pé ará Kòríà àti ará Amẹ́ríkà tí kò gbọ́ èdè ara wọn lè fi ẹnu kò lórí 401 láìjiyàn.

Ní 1979, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Desh ní Bangladẹ́ẹ̀ṣì rán 130 òṣìṣẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Daewoo ní Kòríà, iṣẹ́ aṣọ ti ń ṣí láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, nítorí pé àdéhùn tí ó wà láti 1974 títí dé òpin 2004 fi òdiwọ̀n sí iye aṣọ tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè tà fún àwọn ọlọ́rọ̀ ayé. Bí ààyè ibìkan bá kún, àṣẹ iṣẹ́ a kọjá sí ibòmíràn, ìwé ìlànà ìránṣọ sì ní láti lè dá dúró níwájú ẹni tí kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Ohun tí ó sì ń fọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jùlọ ni àyè ìyọ̀ǹda, èyíinì ni ìwọ̀n tí a fi ń sọ pé bí iṣẹ́ bá dín díẹ̀ tàbí bí ó bá lé díẹ̀, a ó gbà á. Àwọn oníbọn àti onírin ni ó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ le ju irin lọ, nítorí pé aṣọ ń nà, ó ń sún, ó sì ń yọ̀ lábẹ́ àlùmọ́gàjí. Ìka ọwọ́ kò sì dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a mú ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, àyà rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 56 sẹ̀ntímítà, ìwọ̀n tí ó tóbi tẹ̀lé e sì jẹ́ 58. Bí a bá yọ̀ǹda sẹ̀ntímítà 1 sókè àti sísàlẹ̀, èyí tí ó tóbi jù nínú ti àkọ́kọ́ yóò jẹ́ 57, èyí tí ó kéré jù nínú ti èkejì yóò sì jẹ́ 57 pẹ̀lú; wọ́n fara kan ara wọn, ó tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé tí ó fẹ́ ṣàánú bá kọ 1.5, ṣẹ́ẹ̀tì tí a kọ ìwọ̀n kékeré sí lè jẹ́ 57.5, kí èyí tí a kọ ìwọ̀n ńlá sí jẹ́ 56.5, olùyẹ̀wò kò sì lè dá ìkankan padà. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́là, tí ń fi sẹ̀ntímítà 1 ju ara wọn, kò gbọdọ̀ gba ju ìdajì sẹ̀ntímítà lọ.

Ìwọ̀n náà kò sì tó, bí a kò bá sọ ibi tí tépù ti bẹ̀rẹ̀. Àyà tí a wọ̀n gan-an lábẹ́ abíyá àti èyí tí a wọ̀n ní sẹ̀ntímítà 2.5 sísàlẹ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀ ju àyè ìyọ̀ǹda lọ. A sì ní láti sọ bóyá ṣáájú fífọ̀ ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀: bí aṣọ náà bá ń súnkì ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ṣẹ́ẹ̀tì tí a fẹ́ kí ó gùn ní 75 lẹ́yìn fífọ̀ ní láti jáde ní nǹkan bí 77.3.

Ti bọ́tìnnì kéré, ṣùgbọ́n ó ń dá jàǹbá ńlá sílẹ̀. Láyé àtijọ́ ni àwọn oníbọ́tìnnì ti pín ínṣì sí ogójì ìlà, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì sì máa ń jẹ́ 18, tí í ṣe nǹkan bí mílímítà 11.4. Ìwé tí ó kọ “bọ́tìnnì funfun” lásán lè bá ilé-iṣẹ́ tí ó ra 16, tí kò ju mílímítà 10.2 lọ, ihò tí a gé fún 18 yóò sì máa ṣí sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Nítorí náà ni a fi ń kọ ìwọ̀n, iye ihò, àwọ̀, àti irú gọ́ọ̀mù-sítéè tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ àti nọ́ńbà àtúnṣe, tí ó yẹ kí ó wà lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí a bá yí kọ́là padà láti 40 sí 41 nínú ìwé kejì, tí ti àkọ́kọ́ sì ṣì wà lórí tábìlì agéṣọ, gbogbo ẹrù ni olùyẹ̀wò tí ó mú èkejì lọ́wọ́ yóò kọ̀, agéṣọ yóò sì na ìwé tirẹ̀ sí i, pé ohun tí a pàṣẹ fún òun ni òun gé.