Aago Mackworth: Bí Ojú Ṣe Ń Là Sílẹ̀ Tí Kò Sì Ríran Mọ́

Ìtàn tòní wà fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru níwájú kọ̀ǹpútà, tí iṣẹ́ kan náà ń tò lé ara wọn: ẹ tẹ eléyìí, òmíràn á wọlé; ẹ tẹ ìyẹn, òmíràn á tún wọlé, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó wà fún àwọn tó ń yẹ káàdì ìdánimọ̀ oníbàárà wò, àwọn tó ń ṣọ́ kámẹ́rà, àti àwọn tó ń ka mítà ní ilé iṣẹ́. Ìbéèrè mi ni pé: kí ló dé tí ojú èèyàn á là sílẹ̀ rekete, tí kò sì ní rí ohun tó wà níwájú rẹ̀? Ogun ló fipá mú àwọn èèyàn wá ìdáhùn rẹ̀.

Àmì kékeré lójú rédà

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, sọ́bùmárìn ilẹ̀ Jámánì ń dojú ìjà kọ àwọn ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ àti ohun ìjà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń rì wọ́n sínú Òkun Àtìláńtíìkì. Ṣùgbọ́n sọ́bùmárìn ìgbà náà kò lè wà lábẹ́ omi títí. Bátìrì ló ń lò níbẹ̀, tí bátìrì bá sì ti ń rẹ̀, ó ní láti jáde sójú omi kó lè fi ẹ́ńjìnnì ṣáàjì rẹ̀. Òru ni wọ́n sábà máa ń jáde, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn.

Àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ń fi bàálù tó ní rédà wá wọn kiri. Ẹnì kan á jókòó sínú bàálù náà, á máa wo ojú rédà kékeré kan. Bí nǹkan bá wà lórí omi, àmì kékeré kan á tàn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí lè kọjá kí ohunkóhun tó tàn. Ohun tí àwọn ọ̀gá ń bẹ̀rù ni pé àmì lè tàn nítòótọ́, kí ẹni tó ń wò ó má sì rí i. Wọ́n bi onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní Cambridge, tó ń jẹ́ Norman Mackworth, pé: báwo ló ṣe yẹ kí ẹnì kan pẹ́ tó nídìí rédà kí ẹlòmíràn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Aago tí kò sọ àkókò

Mackworth ṣe aago kan tí kò ní nọ́ńbà kankan lójú. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ náà á sún díẹ̀, ìsún 100 ló sì fi ń yí aago náà po. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí ìkìlọ̀, ọwọ́ náà á fo ìlọ́po méjì. Iṣẹ́ ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ kò ju kó tẹ bọ́tìnnì nígbà tó bá rí ìfò yẹn. Òun nìkan ló wà nínú yàrá fún wákàtí méjì.

Ẹ wo bó ṣe rí. Nínú ìdajì wákàtí, aago náà á sún nǹkan bí ìgbà 1,800. Ìgbà 12 péré ló máa ń fo ìlọ́po méjì nínú rẹ̀. Gbogbo ìyókù jẹ́ bákan náà. Èmi náà ṣe iṣẹ́ òru fún ọdún méjì, mò ń yẹ fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ wò ní ilé iṣẹ́ kan. Nígbà tí mo kà nípa aago yìí, mo rẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn: ọ̀pọ̀ káàdì gidi, àti ayédèrú kan tó fara pa mọ́ sáàárín wọn.

Mackworth gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1948. Ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, nǹkan bí 16 nínú 100 ìfò ni àwọn èèyàn náà kò rí. Ní ìdajì wákàtí kejì, ó ti di nǹkan bí 26. Lẹ́yìn náà, kò fi bẹ́ẹ̀ burú sí i mọ́. Ní ìdajì wákàtí tó gbẹ̀yìn, ó jẹ́ nǹkan bí 28. Ẹ ò rí i? A máa ń rò pé wákàtí tó gbẹ̀yìn ni iṣẹ́ ń bà jẹ́, nígbà tó ti rẹ̀ wá. Rárá o. Kò tíì pé wákàtí kan tí ohun tó pọ̀ jù ti bà jẹ́. Wọn ò sì sùn. Ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wo aago náà.

Ohun mẹ́ta tó gbà wọ́n

Mackworth kò dúró síbẹ̀ o. Ó wá ohun tó lè dá ojú wọn padà.

Àkọ́kọ́ ni àyípadà. Ó ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà fún ìdajì wákàtí, kí wọ́n sinmi ìdajì wákàtí, kí wọ́n tún padà. Bí wọ́n ṣe ríran ní ìbẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ríran lọ.

Ìkejì ni ohùn èèyàn. Ní àárín wákàtí méjì náà, fóònù dún nínú yàrá, ẹnì kan sì sọ fún ẹni tó jókòó pé kó túbọ̀ gbìyànjú sí i. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ojú rẹ̀ padà sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tún fi lọ sílẹ̀. Ìpè kan kì í gbéni dé òwúrọ̀.

Ìkẹta, òun ni mo rò pé a gbàgbé jù: kí èèyàn mọ èsì iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ fún wọn ní gbogbo ìgbà pé “o gbà á” tàbí “o ò rí ìyẹn”, wọn kò ṣubú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ lè rí ẹ̀kọ́ yìí ní pápákọ̀ òfurufú títí dòní. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ni pé ẹni tó ń wo àwòrán ẹrù arìnrìn-àjò kò gbọ́dọ̀ sábà máa wò ó kọjá 20 ìṣẹ́jú léraléra. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ kúrò nídìí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ó kéré tán. Ẹ̀rọ náà tún máa ń fi àwòrán bọ́ǹbù tí kì í ṣe tòótọ́ sáàárín ẹrù, á sì sọ fún òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó rí i. Àyípadà àti èsì, àwọn méjèèjì wà níbẹ̀.

Òru ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀

Aago Mackworth sọ ohun tí pípẹ́ nídìí iṣẹ́ ń ṣe. Òru tún gbé ẹrù mìíràn lé e. Ní ilé iṣẹ́ gáàsì kan ní ilẹ̀ Síwídìnì, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ka mítà, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé, tọ̀sán tòru. Lọ́dún 1955, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Bjerner, Holm àti Swensson, gbé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ìwé ọdún 1912 sí 1931 jáde. Wọ́n wá gbogbo àṣìṣe tó wà níbẹ̀, wọ́n sì wo wákàtí tí a ṣe wọ́n. Agogo mẹ́ta òru ni àṣìṣe pọ̀ jù. Ó tún gòkè díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Aago ara wa ló ń ṣe èyí. Láàárín agogo mẹ́ta sí márùn-ún ìdájí, ara gbà pé oorun ló yẹ ká máa sùn, iná mànàmáná ò lè tàn án jẹ. Nítorí náà, èèyàn lè ṣe gbogbo ohun tí Mackworth sọ, kó ṣì máa tòògbé lágogo mẹ́rin. Kọfí tàbí ariwo orin ò lè dípò oorun.

Bí a ṣe pín òru tiwa

Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan la jọ ń ṣiṣẹ́, láti agogo mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Iṣẹ́ méjì ló wà: yíyẹ káàdì wò, àti dídá àwọn oníbàárà lóhùn. A ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ara wa ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí. Tí àkókò bá tó, ẹ̀gbọ́n á ní, “Àbúrò, dìde, ó kàn mí.” Tí mo bá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n parí mẹ́wàá yìí,” wọn kì í gbà. A tún ní káàdì ayédèrú mélòó kan tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kìíní á fi sínú iṣẹ́ ẹnì kejì, á sì sọ fún un lójú ẹsẹ̀ bóyá ó mú un.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ojú yín ti kú? Ẹ bi ara yín pé: orúkọ wo ló wà lórí káàdì tí mo tẹ̀ kẹ́yìn? Bí ẹ ò bá rántí, ọwọ́ yín ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ojú yín. Àmì mìíràn ni kí ẹ máa ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí orí yín jálẹ̀ lójijì. Ẹ padà yẹ márùn-ún tó kẹ́yìn wò, kí ẹ sì dìde.

Kí agogo mẹ́ta tó lù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa máa ń sùn díẹ̀, ẹnì kejì á máa ṣọ́. Àjọ NASA dán irú oorun yìí wò lára àwọn awakọ̀ bàálù tó ń rin ìrìn-àjò gígùn. Wọ́n fún wọn ní ìṣẹ́jú 40 láti sinmi. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 26 ni wọ́n fi sùn nínú rẹ̀. Ara wọn jí pépé títí bàálù fi balẹ̀ ju ti àwọn tí kò sùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí máa ń wà bí ẹni tí ojú rẹ̀ ṣú fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó le lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bọ́jú, kí ẹ sì rìn díẹ̀. Ní ti kọfí, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, torí náà ẹni tó fẹ́ sùn lágogo mẹ́jọ àárọ̀ kò yẹ kó mu ún lẹ́yìn agogo méjì òru.

Ọ̀nà ilé wá ńkọ́? Lọ́dún 1997, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà fi hàn pé ẹni tó ti lajú fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.05 nínú 100. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá jí lágogo méje àárọ̀, tí ẹ ò sì sùn lọ́sàn-án kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, ọ̀gànjọ́ òru ni wákàtí 17 pé. Nígbà tí ẹ bá fi máa gun ọ̀kadà yín lágogo mẹ́fà, ó ti di wákàtí 23. Ẹ sùn lọ́sàn-án kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀ padà sílé.

Èyí ni mo ní fún yín lónìí. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i kó gbọ́ ọ lọ́sàn-án, kì í ṣe nígbà tó bá wà nídìí iṣẹ́. Ó dìgbà kan ná.