Ọjọ́ Àtúnyẹ̀wò Tí Òfin Kò Dá: Ètò Ẹ̀kọ́ Adáni fún Ọmọ Tó Ní Dísílẹ́síà ní Ìpínlẹ̀ Tẹ́sásì

Bí òbí bá gba ètò ẹ̀kọ́ adáni tí ilé-ìwé kọ fún ọmọ rẹ̀ tó ní dísílẹ́síà, ojú ìwé tí ó máa ń kọ́kọ́ ṣí ni ti ìdẹ̀rùn: àfikún àkókò nínú ìdánwò, ẹ̀rọ tí ń ka ìwé síni létí, máàkì tí wọn kò ní í yọ nítorí àṣìkọ. Ojú ìwé yìí rọrùn láti lóye, kì í sì í ná ilé-ìwé ní nǹkan púpọ̀ láti fọwọ́ sí i. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ibòmíràn ni ètò náà ti ń yè tàbí kú. Ó wà nínú gbólóhùn tí wọ́n fi kọ àfojúsùn ìwé kíkà, àti nínú ọjọ́ tí àwọn tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ jókòó wò ó kí ọdún tó yí po. Ìpàdé àtúnyẹ̀wò kan péré lọ́dún ni òfin Amẹ́ríkà fi ṣe dandan. Ọmọ tí kò lè kàwé kò ní ọdún kan tí ó lè fi ṣòfò.

Ọ̀nà méjì ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbà rí ìrànlọ́wọ́ lábẹ́ òfin. Èkíní ni abala 504 nínú òfin ọdún 1973 tí ó ka fífi ọwọ́ rọ́ aláàbọ̀ ara sẹ́yìn léèwọ̀. Ìdẹ̀rùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n abala náà kò fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ àfojúsùn tí a lè wọ̀n. Èkejì ni òfin ẹ̀kọ́ aláàbọ̀ ara, IDEA, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1975. Òun ni ó béèrè fún ètò ẹ̀kọ́ adáni: ibi tí ọmọ wà báyìí, ibi tí ó yẹ kó dé láàárín ọdún kan, ẹ̀kọ́ àkànṣe tí wọn yóò kọ́ ọ àti iye àkókò rẹ̀, àti bí òbí yóò ṣe máa gbọ́ bó ṣe ń lọ. Ní Tẹ́sásì, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní dísílẹ́síà ló ń bẹ lábẹ́ 504 nìkan, títí òfin kan ní 2023 fi là á mọ́lẹ̀ pé dísílẹ́síà wà lára àwọn ìṣòro ẹ̀kọ́ tí IDEA kà sí. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Lábẹ́ 504, wọ́n lè máa ka ìwé fún ọmọ láti kíláàsì kejì títí dé karùn-ún, kí gbogbo ènìyàn sì gbà pé wọ́n ń ràn án lọ́wọ́, láìsí ẹni tí ó ní láti fi hàn pé ọmọ náà ti ń dá ìwé kà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní Húsítìnì ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo hun ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n ìlànà tó rọ̀ mọ́ ọn kì í ṣe àhunsọ. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, ìyá àgbà sì ń gbé pẹ̀lú wọn. Ní oṣù kẹrin ni ìyá rẹ̀ kọ lẹ́tà pé kí ilé-ìwé yẹ ọmọ òun wò. Ilé-ìwé ní ọjọ́ ilé-ìwé 15 láti fèsì. Nígbà tí ìyá buwọ́ lù ú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, wọ́n tún ní ọjọ́ ilé-ìwé 45 láti parí àyẹ̀wò, lẹ́yìn èyí ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní ARD ní ọjọ́ 30 láti pàdé. Ọjọ́ ìsinmi ìgbà ooru kò sí nínú kíka ọjọ́ ilé-ìwé. Báyìí ni lẹ́tà oṣù kẹrin ṣe di ìpàdé ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, láìsí ẹni tó rú òfin. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè, kó tètè béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́.

Ìbéèrè kan wà tí ilé-ìwé kò lè fò dá nínú ọ̀ràn ọmọ elédè méjì: ṣé ìwé ni kò lè kà ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì gbọ́ dáadáa? Òfin kò gbà kí wọ́n pe ọmọ ní aláàbọ̀ nítorí pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Ọmọ yìí ń sọ Yorùbá pẹ̀lú ìyá àgbà, ṣùgbọ́n kò kà á rí. Níbi tí ó mọ̀ ọ́n sọ yìí náà ni a ti lè wo ìdí dísílẹ́síà, nítorí pé níbi yíya ìró ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ni ìṣòro náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú, kì í sì í ṣe ọpọlọ tí kò pé. Olùyẹ̀wò tó gbọ́ Yorùbá lè ní kó sọ "bàtà" kó yọ ìró "b" kúrò, tàbí kó fi àwòrán ewúrẹ́, ilé, ọwọ́ àti igi tí wọ́n tò léraléra hàn án, kó sì máa dárúkọ wọn ní kíákíá. Bí ó bá ń tàsé ní Yorùbá bó ṣe ń tàsé ní Gẹ̀ẹ́sì, a kò lè di ẹ̀bi ru èdè. Kí á má sì sọ ọ́ di ńlá jù: kò sí òṣùwọ̀n tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá Amẹ́ríkà dán wò fún irú eré ìró yìí, nítorí náà ẹ̀rí àfikún lásán ni, wọn kò lè fún un ní máàkì.

Àyẹ̀wò fi hàn pé nínú ìwé kíláàsì kẹta, ọmọ yìí tó wà ní kíláàsì kẹrin ń ka ọ̀rọ̀ 48 tó tọ̀nà ní ìṣẹ́jú kan, àti pé ọ̀rọ̀ 87 nínú 100 ló ń kà bó ṣe yẹ. Ibí ni wọ́n ti máa ń ba ètò jẹ́. Àfojúsùn tí mo máa ń rí jù ni irú èyí: "akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ìwé kíkà rẹ̀ sunwọ̀n sí i dé ìdá 80 nínú 100." Ìwé wo? Ìdá 80 ti kí ni? Ta ni yóò wọ̀n ọ́? Olùkọ́ kò lè kùnà nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, òbí kò sì lè bá a jà. Èyí tí ìgbìmọ̀ ọmọ wa kọ nìyí: láàárín ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ 28, bí wọ́n bá gbé ìwé kíláàsì kẹta tí kò rí rí fún un, yóò ka ọ̀rọ̀ 90 tó tọ̀nà ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ 95 ó kéré tán nínú 100 yóò sì tọ̀nà, olùkọ́ dísílẹ́síà ni yóò wọ̀n ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 90? Nínú òṣùwọ̀n tí Hasbrouck àti Tindal gbé jáde ní 2017, ọmọ kíláàsì kẹrin tó wà ní àárín ẹgbẹ́ ń ka ọ̀rọ̀ 94 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó sì ń ka 133 ní ìparí. Ó fi 39 lọ sókè. Àwọn olùwádìí ti sọ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan lọ́sẹ̀ ni ìdàgbàsókè tó bójú mu fún ọmọ tó ń kàwé ní ìpele kíláàsì kẹta, ọ̀kan àtààbọ̀ sì ni èyí tó ga. Bí a bá mú ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ 28 yóò fún un ní ọ̀rọ̀ 28, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì fi í sílẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀kan àtààbọ̀ yóò fún un ní 42, èyí tó fi díẹ̀ ju 39 lọ. Ìwé tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n kò rí bákan náà, nítorí náà ìṣirò yìí kò ṣe déédéé pátápátá, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ hàn kedere: àfojúsùn tí ilé-ìwé pè ní "èyí tó ṣeé ṣe" lè jẹ́ àdéhùn pé kí ọmọ máa rẹ̀yìn. Òfin náà ti yí síhìn-ín. Ní oṣù kẹta 2017, nínú ẹjọ́ Endrew F., Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà kọ èrò pé ìlọsíwájú bíńtín tí ó ṣáà ju òfo lọ ti tó. Adájọ́ àgbà John Roberts kọ ọ́ pé ètò ọmọ gbọ́dọ̀ ní àfojúsùn gíga tó bá ipò rẹ̀ mu.

Nípa ìdẹ̀rùn, mi ò ní í pẹ́. A gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀kọ́ tó wà fún, ìgbà tí wọn yóò lò ó àti ẹni tí yóò pèsè rẹ̀. "Bí ó bá yẹ" ni ọ̀rọ̀ tí ń pa wọ́n, nítorí kò sí ẹni tí yóò rí ìgbà tí ó yẹ. Nínú ètò ọmọ wa, ẹ̀rọ yóò ka ìwé sáyẹ́ǹsì àti ti ìtàn sí i létí, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kò ní í yọ máàkì àṣìkọ, wọn kò sì ní í pè é dìde láti kàwé sókè láìjẹ́ pé ó ti kà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń gbàgbé: ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ nígbà ìwọ̀n ọ̀sẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kà á fún un, ẹ̀rọ ni a wọ̀n.

Ó ku ti ọjọ́. IDEA ní kí wọ́n fún òbí ní ìròyìn ìlọsíwájú láti ìgbà dé ìgbà, èyí tí ó sábà máa ń bá káàdì èsì rìn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn bíi "ó ń tẹ̀ síwájú" lórí káàdì kò fi dandan lé ẹnikẹ́ni pé kó yí nǹkan padà. Nítorí èyí, ìgbìmọ̀ kọ ọjọ́ mẹ́ta tiwọn sínú ètò náà: 19 oṣù kejìlá, 6 oṣù kẹta àti 22 oṣù karùn-ún, wọ́n sì kọ òfin tí wọn yóò tẹ̀ lé. Wọ́n fa ìlà láti 48 ní ìbẹ̀rẹ̀ dé 90 ní òpin. Bí ìwọ̀n mẹ́rin tó tẹ̀ léra wọn bá bọ́ sísàlẹ̀ ìlà, a kò ní í dúró de ọdún.

Ẹ̀kọ́ àkànṣe bẹ̀rẹ̀ ní 21 oṣù kẹwàá, ìṣẹ́jú 45 lójoojúmọ́, ọmọ mẹ́ta péré nínú ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ dára: 50, 52, 53, 54. Àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ni 54, 55, 54 àti 56, nígbà tó yẹ kí ìlà ti dé 60 ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nísàlẹ̀ nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó ní 19 oṣù kejìlá. Ohun tó yá jù lẹ́nu ìgbìmọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni "ẹ jẹ́ ká yí ìwé ẹ̀kọ́ padà", tàbí èyí tó burú jù, "ẹ jẹ́ ká dín àfojúsùn kù". Ìyá ọmọ náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ wá. Nínú ìgbà 40 tó yẹ kí wọ́n ti kọ́ ọmọ náà, 23 ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n ti ń mú olùkọ́ dísílẹ́síà lọ bójú tó ìdánwò àti kíláàsì àwọn olùkọ́ tí kò wá. Ìgbà 17 tó ṣòfò jẹ́ ìṣẹ́jú 765. Ọ̀rọ̀ tó ń tọ̀nà náà ṣì dúró sí 87 nínú 100, èyí tó fi hàn pé ọmọ náà kò tíì mọ bí a ṣe ń to ìró ọ̀rọ̀ pọ̀, kí a tó sọ pé kó yára. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀nà ẹ̀kọ́ náà kò ṣiṣẹ́, nítorí wọn kò tíì lò ó tán.

Ìpinnu wọn tẹ̀lé ohun tí àkọsílẹ̀ sọ. Olùkọ́ náà kò ní í bójú tó ìdánwò mọ́ ní àkókò ẹ̀kọ́ yìí, ilé-ìwé yóò san ìṣẹ́jú 765 náà padà láti oṣù kìíní, ìyá yóò sì máa gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àfojúsùn 90 kò yí. Ní 6 oṣù kẹta, tí ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ jẹ́ 17, ọmọ náà ka ọ̀rọ̀ 72, ìlà wà ní 73 àtààbọ̀, méjì nínú ìwọ̀n mẹ́rin tó ṣẹ́yìn ti gòkè ju ìlà lọ, ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà sì ti di 94 nínú 100. Ìpàdé náà kò pẹ́ rárá.

Bí ó bá dé 90 ní oṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ yóò fẹ́ gbé e sínú ìwé kíláàsì kẹrin fún ọdún tó ń bọ̀, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi ìwé tuntun wọ̀n ọ́, iye náà lè já wálẹ̀ sí 75 tàbí kó kéré sí i, nítorí ìwé ló le sí i, tí ìsinmi ooru sì ti wà láàárín. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ètò ní oṣù karùn-ún pé ìlà tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwọ̀n mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìwé kíláàsì kẹrin bá fi í sí. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹni tó bá ṣí fáìlì náà ní ìpàdé ọdọọdún oṣù kẹwàá yóò fi 75 wé 90, yóò sì sọ pé ọmọ náà ti padà sẹ́yìn.